Àlejò wo ló ń fa gbogbo ilé sẹ́yìn?

Ará Kábà béèrè:

Mo ń tọ́jú sáfà kan ní Kábà. KVM ló wà lórí rẹ̀, àlejò méje ló sì ń gbé inú rẹ̀. Láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni gbogbo wọn ti máa ń falẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà láti aago mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án àárọ̀, ó sì máa ń le jù ní ọjọ́ ọjà. Ráàmù rẹ̀ jẹ́ gígábáìtì 64. Dísìkì méjì tó ń yí ló wà nínú rẹ̀, èkejì sì ń ṣe àwòkọ èkíní. Sípíyù kì í lò ju ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Mo fura sí `fidio`, àlejò tó ń gba àwòrán kámẹ́rà àwọn ṣọ́ọ̀bù, nítorí òun ló ń kọ nǹkan sórí dísìkì jù. Ṣé kí n lé e jáde ni?

---

Àgbà Ìsánlú:

Má tíì lé e. Òótọ́ ni pé `fidio` ń kọ nǹkan púpọ̀, ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n tí o fi wọ̀n ọ́n ni kò bá ọ̀rọ̀ yìí mu.

Bí sípíyù bá ń sinmi, tí gbogbo àlejò sì ń falẹ̀ lákòókò kan náà, dísìkì ni kí o kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Dísìkì tó ń yí kì í bìkítà fún iye báìtì tí wọ́n gbé fún un tó bí ó ti ń bìkítà fún iye ìgbà tí wọ́n pè é. Èyí tó ń yí ní ìgbà 7,200 láàárín ìṣẹ́jú kan ń yí ní ìgbà 120 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ìbéèrè bá wá fọ́n káàkiri ojú rẹ̀, tí apá tó ń kà á ní láti máa sáré láti igun kan dé igun kejì, nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ìbéèrè ni yóò lè dáhùn láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ó lè dín díẹ̀, ó sì lè lé díẹ̀. Kámẹ́rà tó ń kọ fáìlì gígùn kan lọ ní tààrà dà bí ẹni tó gbé àpò ẹ̀wà kan wọ ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tó ń kó ẹ̀wà wọ ọkọ̀ ní wóró kọ̀ọ̀kan ni kò ní jẹ́ kí ọkọ̀ gbéra, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀wà tirẹ̀ kò kún igbá.

Nítorí náà, ní aago mẹ́jọ ọ̀la, kọ́kọ́ ṣí èyí lórí olùgbàlejò fúnra rẹ̀, má ṣe é nínú àlejò kankan:

```
iostat -x 5
```

Kọ ohun tí o rí lábẹ́ `r_await`, `w_await` àti `aqu-sz` sílẹ̀. Àwọn méjì àkọ́kọ́ ni iye mílísẹ́kọ́ǹdì tí ìbéèrè kan ń lò kí ó tó rí ìdáhùn. Ẹ̀kẹta ni bí ìlà àwọn tó ń dúró ṣe gùn tó. Lẹ́yìn náà, ka iye ìbéèrè àlejò kọ̀ọ̀kan:

```
for i in $(virsh list --name); do
  echo "$i"
  virsh domstats --block "$i" | grep -E 'reqs|bytes'
done
```

Ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, kí ìṣẹ́jú kan wà láàárín wọn, kí o sì yọ ti àkọ́kọ́ kúrò nínú ti ìkejì, nítorí àkójọ láti ìgbà tí àlejò náà ti jí ni nọ́ńbà tí o máa rí. Ṣe irú rẹ̀ ní aago méje pẹ̀lú, nígbà tí ara gbogbo wọn ṣì dá. Láìsí ti aago méje, ti aago mẹ́jọ kò ní sọ nǹkan kan fún ọ.

---

Ọmọ Mọ̀pà:

Ẹ̀gbọ́n, ọ̀nà yẹn ti gùn jù. Kí ó wọ inú àlejò kọ̀ọ̀kan, kí ó tẹ `top`, kí ó sì wo `st`. Nọ́ńbà yẹn ló ń sọ iye àkókò tí wọ́n jí gbé mọ́ àlejò lọ́wọ́. Bí kò bá rí nǹkan níbẹ̀, kí ó wo `wa`, iye àkókò tí sípíyù àlejò fi jókòó de dísìkì. Èyí tí `wa` rẹ̀ bá ga jù ni ọ̀daràn.

---

Ilé Ìtura Ìyàrá:

Èmi náà ní yàrá méjìlá, irú nǹkan yìí sì ń ṣẹlẹ̀ sí mi. Àlejò kan ṣoṣo tó bá ń wa fíìmù sílẹ̀ lóru lè fa ìlà íńtánẹ́ẹ̀tì gbogbo ilé sẹ́yìn. Ohun tí mo ṣe ni pé mo fi òdiwọ̀n sí ìlà yàrá kọ̀ọ̀kan lórí rọ́tà, mo sì gba owó lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ni dísìkì ní í ṣe pẹ̀lú àlejò?

---

Àgbà Ìsánlú:

Ọ̀gá onílé ìtura, kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ nínú kọ̀ǹpútà ni àwa ń pè ní àlejò níbí, kì í ṣe ẹni tó sùn sí yàrá. Síbẹ̀ ẹ kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí ọ̀rọ̀. Òdiwọ̀n tí ẹ fi sí rọ́tà yẹn ṣì ń bọ̀ wá sórí tábìlì.

Ọmọ Mọ̀pà, ìdajì ọ̀rọ̀ rẹ tọ̀nà. `st` wúlò gan-an, ṣùgbọ́n sípíyù nìkan ni ó ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Ó máa ń ga nígbà tí àlejò fẹ́ ṣiṣẹ́, tí olùgbàlejò sì ní kí ó dúró nítorí pé ẹlòmíràn ló wà lórí sípíyù. Níbi tí sípíyù ti ń sinmi ní ìdá 70, `st` yóò sún mọ́ òfo nínú gbogbo wọn.

Ti `wa` ni mi ò gbà rárá. Ìyẹn kan náà ti ṣi èmi gan-an lọ́nà fún oṣù kan gbáko. Nígbà tí dísìkì bá kún fún ìbéèrè, ẹni tó kún un àti ẹni tó kàn fẹ́ ka fáìlì kékeré kan jọ ń dúró lórí ìlà kan náà, `wa` àwọn méjèèjì yóò sì ga. Kódà `wa` aláìṣẹ̀ lè ju ti ẹlẹ́ṣẹ̀ lọ. Mo ti pa àlejò kan tí kò mọwọ́ tí kò mẹsẹ̀ nítorí pé òun ló ń ké jù, ìfàsẹ́yìn náà kò sì yí padà rárá. Láti inú àlejò, bí ara ṣe ń dun oníkálukú ni o lè rí. Ẹni tó ń fà á, orí olùgbàlejò nìkan ni o ti lè rí i. Iye ìbéèrè tí àlejò gbé wá ni kí o kà, má ka iye àkókò tí ó fi dúró.

---

Ará Kábà:

Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Mo ṣe é lánàá tí ó jẹ́ ọjọ́ ọjà, ẹnu sì yà mí.

Ní aago méje, `w_await` wà ní nǹkan bí 9. Ní aago mẹ́jọ kọjá ogún ìṣẹ́jú, ó ti di 140, `aqu-sz` sì ti lé ní 15.

Láàárín ìṣẹ́jú kan ní àkókò yẹn, `fidio` kọ mẹ́gábáìtì 720, ṣùgbọ́n ìbéèrè 1,440 péré ló fi kọ gbogbo rẹ̀. Bí ó ti ṣe ní aago méje náà nìyẹn. Kò yí padà rárá. Èyí tó yí padà ni `oogun`, àlejò kékeré tó ń ṣe ìwé owó fún ilé ìtajà oògùn kan. Ní aago méje, ìbéèrè 300 ló gbé wá láàárín ìṣẹ́jú kan. Ní aago mẹ́jọ, ó di 9,600: 6,000 láti kà àti 3,600 láti kọ. Àpapọ̀ báìtì rẹ̀ kò sì pé mẹ́gábáìtì 80. Sípíyù rẹ̀ kò tilẹ̀ ju ìdá mẹ́fà lọ. Mi ò bá má fura sí i láé.

---

Àgbà Ìsánlú:

Wóró ẹ̀wà rẹ nìyẹn. Ìbéèrè 9,600 láàárín ìṣẹ́jú kan jẹ́ 160 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Nítorí pé dísìkì rẹ méjèèjì jẹ́ àwòkọ ara wọn, wọ́n lè pín èyí tí a fẹ́ kà láàárín ara wọn, ṣùgbọ́n èyí tí a fẹ́ kọ gbọ́dọ̀ dé orí àwọn méjèèjì. Ní ìṣirò, dísìkì kọ̀ọ̀kan ń gba nǹkan bí 50 láti kà àti 60 láti kọ lọ́wọ́ `oogun` nìkan, ìyẹn 110 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Fi 24 ti `fidio` lé e, o ti kọjá ibi tí agbára rẹ̀ mọ kí àwọn márùn-ún tó kù tó la ẹnu.

Ṣùgbọ́n má dúró síbẹ̀, nítorí pé a ti mọ ẹni tó ń ṣe é, a kò tíì mọ ìdí tí ó fi ń ṣe é. Pín báìtì rẹ̀ sí iye ìbéèrè: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kílóbáìtì mẹ́jọ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìwé owó ilé ìtajà oògùn kan kì í ka nǹkan ní ìgbà 6,000 láàárín ìṣẹ́jú kan, bí gbogbo ilẹ̀ Òkun tilẹ̀ ń ra oògùn lọ́jọ́ kan náà. Kíkà àti kíkọ wẹ́wẹ́ wẹ́wẹ́ tó ń lọ pọ̀ báyìí, tí sípíyù sì ń sinmi, ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ fura sí ni pé ráàmù kò tó nínú àlejò náà, tí ó sì ń kó nǹkan lọ sí `swap` tó wà lórí dísìkì, tí ó tún ń kó o padà. Èèyàn á wá máa wo dísìkì nígbà tó jẹ́ pé ráàmù ló ń dun àlejò. Gígábáìtì mélòó ni o fún un?

O lè yẹ̀ ẹ́ wò láìwọ inú rẹ̀:

```
virsh dommemstat oogun --period 5 --live
virsh dommemstat oogun
```

Bí `swap_in` àti `swap_out` bá ń pọ̀ sí i ní gbogbo ìgbà tí o bá tún un tẹ̀, ọ̀rọ̀ ti yé wa. Bí wọn kò bá tilẹ̀ hàn, a jẹ́ pé dráífà tó yẹ kí ó máa ròyìn kò sí nínú àlejò náà. Wọ inú rẹ̀ nígbà náà, kí o tẹ `vmstat 5`, kí o sì wo `si` àti `so`.

---

Ìyá Ẹ̀gbẹ̀:

Mo ti ń kà á bọ̀ láti òkè. Ìṣirò yín dára, ṣùgbọ́n ẹ kò tíì fi ẹ̀rí hàn pé `oogun` ló ń fa ti àwọn yòókù. Nǹkan méjì lè ṣẹlẹ̀ ní aago mẹ́jọ kí ọ̀kan má sì fa èkejì. Àwọn kan máa ń dá àlejò tí wọ́n fura sí dúró pẹ̀lú `virsh suspend` fún ogún ìṣẹ́jú àáyá, kí wọ́n wò ó bóyá dísìkì yóò balẹ̀, kí wọ́n tó jí i padà. Èmi kò gbà á nímọ̀ràn, nítorí ohun tí ojú mi rí. Àlejò tí mo dá dúró ni ilé ìwòsàn kan fi ń kọ káàdì aláìsàn. Nígbà tí mo jí i, aago inú rẹ̀ ti rẹ̀yìn, àwọn tó ń fi í ṣiṣẹ́ ti já kúrò lórí rẹ̀, káàdì mẹ́rin tí wọ́n ń kọ lọ́wọ́ sì ṣòfò. Ogún ìṣẹ́jú àáyá ni mo pè é o, ó di ìṣẹ́jú mẹ́ta nítorí pé fóònù dún.

---

Àgbà Ìsánlú:

Ìyá wa, fóònù yẹn ló jẹ̀bi, kì í ṣe `suspend`. Èmi ṣì máa ń lò ó fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, pàápàá lóru, kò sì sí ẹ̀rí tó yá jù ú lọ. Ṣùgbọ́n mo gbà pé ilé tí èèyàn ti ń gba owó lọ́wọ́ kọ́ ni a ti ń dán an wò.

Ọ̀nà tó rọ̀ jù ni èyí tí ọ̀gá onílé ìtura mẹ́nu bà láìmọ̀, kí a fi òdiwọ̀n sí i:

```
virsh blkdeviotune oogun vda --total-iops-sec 40 --live
```

Bí `w_await` olùgbàlejò bá já wálẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan, tí àwọn yòókù sì jí, ẹ̀rí dé nìyẹn. Bí o bá fẹ́ yọ ọ́, fi 0 rọ́pò 40. Rí i dájú pé `vda` ni orúkọ dísìkì rẹ̀. `virsh domblklist oogun` yóò sọ ọ́ fún ọ. Jẹ́ kí ó yé ọ pé ara `oogun` fúnra rẹ̀ yóò túbọ̀ le, nítorí àlejò tí ráàmù rẹ̀ kò tó ni o tún ń dín ọ̀nà dísìkì rẹ̀ kù. Ó yẹ kí o kọ́kọ́ sọ fún àwọn tó ni ín.

---

Ọmọ Mọ̀pà:

Bí ó bá jẹ́ `swap` ni, kí ló dé tí a ń rìn yí ká? Kí ó wọ inú rẹ̀, kí ó tẹ `swapoff -a`, ó tán. Àlejò tí kò ní `swap` kò lè da dísìkì láàmú.

---

Ìyá Ẹ̀gbẹ̀:

Ọmọ mi, lọ ṣe é ní aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ ọjà, kí o padà wá ròyìn. Gbogbo ohun tó wà nínú `swap` ni yóò ní láti kà padà sínú ráàmù tó ti kún tẹ́lẹ̀. Bí kò bá gbà á, àṣẹ náà lè kùnà, tàbí kí kẹ́nẹ́ẹ̀lì bẹ̀rẹ̀ sí pa prósẹ́ẹ̀sì tó jẹ ráàmù jù. Nínú àlejò bẹ́ẹ̀, dátábéèsì ló sábà máa ń jẹ́.

---

Ará Kábà:

Ẹ jẹ́ kí n tú ọ̀rọ̀ náà fún yín. Gígábáìtì kan péré ni mo fún `oogun` ní ọdún tó kọjá, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀dọ́kùnrin kan ṣoṣo ló ń fi í tẹ ìwé owó. `swap_in` rẹ̀ ń gòkè ní gbogbo ìgbà tí mo bá tẹ àṣẹ yẹn, kò sinmi rárá. Mo fi òdiwọ̀n 40 sí i ní aago mẹ́jọ àbọ̀, `w_await` sì bọ́ láti 130 sí 22 kí n tó fi ife tíì sílẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù pè mí pé sáfà ti jí. Ní ìṣẹ́jú méjì lẹ́yìn náà, àwọn olóògùn pè mí pé tiwọn ti kú. Bí ẹ̀gbọ́n ṣe sọ ọ́ ló rí.

Mo lọ bá wọn ní ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni wọ́n ní kí ẹni tó kọ ètò náà fi ìròyìn ọjà tó kù kún un, kí ó máa ṣí ní gbogbo àárọ̀ lórí kọ̀ǹpútà mẹ́rin tí wọ́n ní báyìí. Ìròyìn náà máa ń kó gbogbo ọjà sínú ráàmù lẹ́ẹ̀kan náà, oníkọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan sì ń kó tirẹ̀. Ní ọjọ́ ọjà, bí àwọn ará oko bá ti wọlé, wọ́n á máa tún un ṣí léraléra. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi.

Ní alẹ́, mo yọ òdiwọ̀n náà, mo pa `oogun`, mo sì ṣe báyìí kí n tó tàn án padà:

```
virsh setmaxmem oogun 3G --config
virsh setmem oogun 3G --config
```

Ọjọ́ ọjà tún dé lónìí. Ìbéèrè `oogun` kò ju 11 lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, `w_await` sì wà ní 18. `fidio` ṣì wà níbi tí ó wà, mo sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun kan ló kù. Ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù bá ń pa ìwé wọn dé, ìfàsẹ́yìn kékeré kan ṣì máa ń wáyé. Iye ìbéèrè `ajeseku` kò pọ̀ ní àkókò náà, `swap` rẹ̀ sì jẹ́ òfo.

---

Àgbà Ìsánlú:

Wo `block.0.fl.reqs` nínú èsì kan náà. Ìyẹn ni iye ìgbà tí àlejò náà ní kí dísìkì fi dandan kọ gbogbo ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀ kí iṣẹ́ tó tẹ̀ síwájú. Mélòó ni láàárín ìṣẹ́jú kan?

---

Ará Kábà:

2,700.

---

Àgbà Ìsánlú:

Ìyẹn jẹ́ 45 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ètò wọn ń fi òǹtẹ̀ lu owó ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, dípò kí ó kó gbogbo ti ìrọ̀lẹ́ jọ kí ó lu òǹtẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀dọ̀ ẹni tó kọ ètò náà ni àtúnṣe wà, kì í ṣe ọ̀dọ̀ rẹ.

---

Ọmọ Mọ̀pà:

Kò yẹ kí ó lọ bẹ ẹnikẹ́ni. Kí ó fi `cache='unsafe'` sí dísìkì àlejò náà nínú `virsh edit`. Olùgbàlejò kò ní ka òǹtẹ̀ yẹn sí mọ́. Mo ń lò ó, ó sì yá bí ìjì.

---

Ìyá Ẹ̀gbẹ̀:

Ìwé owó àwọn èèyàn ni, ní Kábà, níbi tí iná lè lọ nígbàkígbà! Bí iná bá lọ kí ìwé tó dé orí dísìkì, sáfà ti sọ fún ètò pé ó ti kọ ọ́, kò sì kọ nǹkan kan. Tèmi ni pé kí ó ra dísìkì méjì tí kì í yí, kí gbogbo àròyé yìí parí.

---

Àgbà Ìsánlú:

Mo wà lẹ́yìn Ìyá Ẹ̀gbẹ̀ lórí `unsafe`. Àlejò tí mo bá ń dán nǹkan wò nínú rẹ̀ nìkan ni mo máa ń fi í sí. Ti dísìkì tuntun, mi ò tíì gbà: ká ní ó ti rà á ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni, `oogun` yóò ṣì máa ṣe `swap` lórí rẹ̀ títí di òní, ẹnikẹ́ni kò sì ní mọ̀ títí tí wọ́n á fi ra kọ̀ǹpútà karùn-ún àti ìkẹfà.

---

Ìyá Ẹ̀gbẹ̀:

Kò ní mọ̀, ṣùgbọ́n kò ní falẹ̀ náà. Ìyẹn gan-an ni àwọn tó ń san owó fẹ́.

---

Ará Kábà:

Mo pe ẹni tó kọ ètò alájẹṣẹ́kù. Ó ní òun kò lè yí i padà kí oṣù tó parí. Ní ti `unsafe`, iná ti lọ lẹ́ẹ̀mejì láti àárọ̀ yìí, bátìrì ínfátà sì ti ń ké bí mo ṣe ń kọ èyí, nítorí náà mi ò ní fọwọ́ kàn án. Mo ti ní kí `fidio` má ṣe gbé fáìlì àtijọ́ ní aago mẹ́rin sí márùn-ún. Màá ka `fl.reqs` àti `w_await` lẹ́ẹ̀kan sí i lọ́la ní aago mẹ́rin, màá sì gbé nọ́ńbà wọn wá síbí.